Àmì inú ìwé iṣẹ́: bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè fi tún iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Kíláàsì 5 ni mò ń kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ 42 ló wà níbẹ̀. Ilé-ìwé wa fún wa ní àmì 15 tí a ó máa fi máàkì ìwé iṣẹ́ wọn. Mò ń lò wọ́n tọkàntọkàn, ó sì ń gba oorun lójú mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dá ìwé padà, máàkì nìkan ni wọ́n ń wò, wọn á fi wé ti ẹnìkejì, wọn á pa ìwé dé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àṣìṣe kan náà ni. Kí ni mo lè ṣe kí àwọn àmì yìí lè yé wọn, kí wọ́n sì máa lò wọ́n?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá, olùkọ́. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ọmọ ń rí nígbà tó bá ṣí ìwé rẹ̀. Ó rí lẹ́tà kan lókè ọ̀rọ̀ tó kọ. Lẹ́tà náà sọ fún un pé àṣìṣe wà níbẹ̀, ó tilẹ̀ lè sọ irú àṣìṣe tó jẹ́. Kò sọ ohun tó yẹ kó ṣe, kò sọ ìgbà tó yẹ kó ṣe é, kò sì sí ẹni tí yóò bi í bóyá ó ṣe é. Ọmọ tó pa irú ìwé bẹ́ẹ̀ dé kò ya ọ̀lẹ, lójú tirẹ̀ iṣẹ́ ti parí. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ yí padà ni ìtumọ̀ àmì. Kí àmì má jẹ́ orúkọ àṣìṣe mọ́. Kó jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ rán ọmọ.

Àmì 15 ti pọ̀ jù fún ọmọ kíláàsì 5. Mẹ́fà tó. Èmi yóò mú K fún àkọtọ́, O fún ohùn, D fún ìdánudúró, ^ fún ọ̀rọ̀ tó sọnù, // fún ìpínrọ̀ tuntun, àti ? fún gbólóhùn tí kò yé òǹkàwé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lẹ àkọsílẹ̀ yìí mọ́ ẹ̀yìn ìwé, ẹ má kọ ọ́ bí mo ṣe kọ ọ́ yìí. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Níwájú K, ẹ kọ ọ́ pé: «Wá ọ̀rọ̀ tí o kọ láìtọ́ nínú ìlà yìí. Wò ó bóyá o so ohun tó yẹ kó pín pọ̀. Tún un kọ.» Níwájú D: «Ka ìlà yìí sókè. Níbi tí gbólóhùn kan ti parí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀, fi àmì ìdánudúró síbẹ̀, kí o sì fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e.» Níwájú ?: «Èyí kò yé mi. Sọ fún ẹnìkejì rẹ ohun tí o fẹ́ sọ, kí o wá kọ ohun tí o sọ fún un.» Ọmọ tó ka èyí mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣe. Ọmọ tó ka «ìdánudúró» lásán mọ orúkọ nǹkan kan ni, ó lè má mọ ohun tí a ń fẹ́ kó ṣe.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ wọn ní àmì wọ̀nyí bí ẹ ṣe ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ibí ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ti ń fò ó: wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri, wọ́n gbà pé ó ti yé ọmọ. Ẹ kọ ìpínrọ̀ kúkúrú kan fúnra yín, kí àṣìṣe tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kún inú rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sójú pátákó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ mú àmì méjì péré, bíi K àti D. Ẹ fi àmì sí etí ìlà kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọ ní méjì-méjì wá àṣìṣe náà, kí wọ́n tún un ṣe. Lọ́jọ́ kejì, ẹ yí i padà: ẹ gbé ìpínrọ̀ mìíràn fún wọn láìsí àmì rárá, kí àwọn ni yóò fi àmì sí i. Ọmọ tó lè fi K sí ibi tó yẹ nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn ti ń lóye K. Nígbà tí àwọn méjì yìí bá ti mọ́ wọn lára ni kí ẹ tó fi ẹ̀kẹta kún un. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wọlé. Ẹ má kánjú.

Ó ku ohun kan tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan, òun ló sì ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àmì kò lè ṣiṣẹ́ àfi níbi tí ọmọ ti lè tún àṣìṣe náà ṣe fúnra rẹ̀. Àṣìṣe méjì ló wà. Èkíní ni èyí tí ọmọ mọ̀, tó kàn fò nítorí ìkánjú: ó mọ̀ pé gbólóhùn gbọ́dọ̀ ní ìdánudúró, ṣùgbọ́n ìtàn dùn mọ́ ọn, ó gbàgbé. Àmì kan ní etí ìlà tó fún èyí. Èkejì ni èyí tí kò mọ̀ rárá. Bí ẹ bá fi àmì ogún sí irú èyí, ńṣe ni ọmọ yóò máa wò ó. Ohun tó nílò ni kí ẹ kọ́ ọ, tàbí kí ẹ kọ àpẹẹrẹ kan tó tọ̀nà sílẹ̀ kó lè fi ṣe àwòkọ, kí ẹ sì fún un ní méjì sí i láti ṣe. Nítorí náà, kí bírò yín tó kan ìwé, ẹ bi ara yín pé: bí mo bá tọ́ka sí èyí fún ọmọ yìí, ṣé ó lè tún un ṣe láìsí mi? Bí ó bá lè ṣe é, ẹ fi àmì sí i. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ má fi àmì sí i.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìwé ọmọ kan wò. Ká ní ọ̀sẹ̀ yẹn lẹ kọ́ wọn ní bí a ṣe ń pín ọ̀rọ̀ bíi «nígbà tí» àti «wí pé», tí ẹ sì tún ìdánudúró yẹ̀ wò. Ọmọ náà kọ ìlà mẹ́rin yìí:

Nígbàtí òjò bẹ̀rẹ̀, à ń bọ̀ láti ilé-ìwé.
Gbogbo wa sáré lọ abẹ́ òrùlé kan. Mo rí wípé
ìwé mi ti tutù mo bẹ̀rẹ̀ sí sunkún ọrẹ mi yọ aṣọ
rẹ̀ ó fi bo ìwé náà. Inú mi dùn púpọ̀.

Ní etí ìlà kìíní, mo kọ K. Ní etí ìlà kejì, mo kọ ^ àti K. Ní etí ìlà kẹta, mo kọ D lẹ́ẹ̀mejì àti O. N kò fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kankan, n kò sì yí róbótó sí i. Bí mo bá fàlà sábẹ́ «Nígbàtí», èmi ni mo wá àṣìṣe náà rí, ohun tó kù fún ọmọ kò ju kó pín in sí méjì lọ. Ṣùgbọ́n wíwá gan-an ni iṣẹ́ tí ọmọ yóò ṣe lọ́jọ́ ìdánwò nígbà tí kò sí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí mo bá fi K sí etí ìlà, ó di dandan kó ka ìlà náà látòkèdélẹ̀.

Ẹ ó rí i pé n kò fi àmì kankan sí «bẹ̀rẹ̀ sí sunkún». Àkọtọ́ tó péye ni «bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún», ṣùgbọ́n a kò tíì kọ́ wọn ní fáwẹ́lì tí a ń fà gùn yìí, kò sì sí bí ọmọ ṣe lè wá ohun tí kò mọ̀ rí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ti èmi, pé ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn. Àwọn olùkọ́ kan máa ń bẹ̀rù pé òbí tàbí ọ̀gá yóò rí àṣìṣe tí a kò máàkì. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń kọ ohun tí mo ń wò sókè iṣẹ́ náà: «Lónìí: pípín ọ̀rọ̀ àti ìdánudúró.» Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí ìwé yóò mọ̀ pé àwọn nǹkan yẹn ni mò ń wá.

Kí ni ọmọ náà wá ṣe? Ó pín «Nígbà tí» àti «wí pé» láìpẹ́. Ó kọ «sí» sáàárín «lọ» àti «abẹ́». Ní ìlà kẹta, ó rí ìdánudúró kìíní lẹ́yìn «tutù», ṣùgbọ́n ó fi èkejì sí ẹ̀yìn «ọrẹ mi». Mo ní kó ka ìlà náà sí mi létí. Bó ti kà á dé «mo bẹ̀rẹ̀ sí sunkún ọrẹ mi», òun fúnra rẹ̀ dúró, ó pa á rẹ́, ó gbé ìdánudúró lọ sẹ́yìn «sunkún». Bó ṣe ń kà á náà ló gbọ́ pé ọ̀rẹ́ ni òun fẹ́ sọ, ó sì fi àmì ohùn sí i. Gbogbo èyí kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ọmọ náà ló sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ó ku gbólóhùn tó kẹ́yìn, «Inú mi dùn púpọ̀.» Ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ àmì ló máa ń ní +, tó túmọ̀ sí «fi kún un». Mo ti yọ ọ́ kúrò nínú tèmi, nítorí ohun tí ọmọ máa ń ṣe sí i. Bí ẹ bá fi + síbẹ̀, yóò kọ «Inú mi dùn púpọ̀ gan-an ni.» Ó ti fi kún un lóòótọ́! Kò sí àmì tó lè sọ irú àlàyé tí ẹ ń retí fún un, torí náà ìbéèrè gidi ni kí ẹ kọ: «Kí ni o ṣe tí ọ̀rẹ́ rẹ fi mọ̀ pé inú rẹ dùn?» Ọmọ náà kọ ọ́ pé: «Mo dì mọ́ ọn, mo sì ní kó fi ìdajì aṣọ mi bo orí rẹ̀.» Ìbéèrè kan péré bẹ́ẹ̀ lórí iṣẹ́ kan tó. Àmì ni kí ẹ máa lò fún bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ kíkọ, kí ẹ máa fi ìbéèrè ṣiṣẹ́ lórí ohun tí ọmọ ń sọ.

Nípa àkókò, ẹ mú ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e fún àtúnṣe nìkan. Bí ẹ bá sọ ọ́ di iṣẹ́ àmúrelé, àwọn tó nílò rẹ̀ jù ni kò ní ṣe é. Kí wọ́n fi pẹ́ńsùlù tàbí bírò aláwọ̀ mìíràn ṣe àtúnṣe lórí ọ̀rọ̀ náà gan-an, kí ẹ lè rí ọwọ́ wọn yàtọ̀ sí tiyín. Ẹ má ní kí wọ́n da gbogbo àròkọ kọ lẹ́ẹ̀kejì, torí ọwọ́ lásán ni wọ́n ń fi dà á kọ, wọ́n á tún ṣe àṣìṣe tuntun sí i. Nínú ìṣẹ́jú 10 yẹn, ẹ má jókòó sídìí tábìlì. Ẹ rìn lọ bá àwọn tí ẹ ti mọ̀ láti alẹ́ àná pé wọn yóò há, irú ọmọ tó ní D méjì nínú ìlà kan. Ẹ óò tún wo àtúnṣe wọn nígbà tí ẹ bá ń máàkì iṣẹ́ tó kàn, ṣùgbọ́n ẹ wò ó ní ìwò fìrí: ẹ tíìkì èyí tó tọ́, ẹ fi tóótó kan sí èyí tó ṣì kù. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ní wò ó mọ́, wọn yóò jáwọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ máàkì tí ẹ sọ ṣe kókó. Ní 1988, Ruth Butler tẹ ìwádìí kan jáde tó ṣe pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ísírẹ́lì. Ó fún àwọn kan ní máàkì nìkan, ó fún àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ìtọ́sọ́nà nìkan, ó sì fún àwọn tó kù ní méjèèjì pọ̀. Àwọn tó gba ọ̀rọ̀ ìtọ́sọ́nà nìkan ni iṣẹ́ wọn tẹ̀ síwájú. Àwọn tó gba méjèèjì kò ṣe dáadáa bíi tiwọn, torí máàkì ti gba ojú wọn. Ohun tí ẹ ń rí ní kíláàsì yín nìyẹn gan-an. Bí ilé-ìwé yín bá fi dandan lé máàkì, ẹ kọ ọ́ sínú rẹ́gísítà yín lálẹ́, kí ẹ dá ìwé padà pẹ̀lú àmì nìkan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 àtúnṣe ni kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n gbọ́ máàkì wọn. Wọn yóò kùn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ dúró lórí rẹ̀.

Ní ti àwọn ọmọ tí iṣẹ́ wọn kún fún àṣìṣe, ẹ má ṣe fi àmì kún etí ìwé. Ọmọ tó rí àmì 30 kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ máàkì ìlà mẹ́fà àkọ́kọ́, kí ẹ fa ìlà gbọọrọ kan síbi tí ẹ dúró, kí wọ́n sì mọ̀ pé ìlà yìí túmọ̀ sí «n kò wo ìsàlẹ̀». Bí kò bá sí ìlà yẹn, ọmọ yóò gbà pé ohun tí kò ní àmì tọ̀nà. Àmì mẹ́ta sí márùn-ún ni mo máa ń rí pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè ṣe tán láàárín ìṣẹ́jú 10. Àti pé bí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta kíláàsì bá ṣe àṣìṣe kan náà, ẹ gbé bírò kúrò lórí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà ni kò wọlé, ẹ tún un kọ́ lójú pátákó. Èyí nìkan yóò dín iye àmì tí ẹ ń kọ sínú ìwé 42 kù púpọ̀.

Báwo lẹ ó ṣe mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́? Ẹ má wo iye àtúnṣe tó wà nínú ìwé, torí ọmọ lè wo ti ẹnìkejì dà kọ. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tún un ṣe. Bí ẹ bá rí i pé gbólóhùn tí ẹ fi ? sí ni wọ́n kàn ń pa rẹ́, ? kò tíì yé wọn, wọ́n rò pé ó túmọ̀ sí «mú un kúrò». Bí wọ́n bá ń tún K ṣe ṣùgbọ́n tí wọ́n ń fo O, ó lè jẹ́ pé wọn kò gbọ́ ohùn náà yàtọ̀ létí, ẹ̀kọ́ ni wọ́n nílò. Ìdánwò tó dájú jù ni kí ẹ mú ọmọ mẹ́ta, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, ẹni tó wà láàárín, àti ẹni tó ń tiraka, kí ẹ ṣí ìwé wọn, kí ẹ tọ́ka sí àmì kan, kí ẹ béèrè pé: «Kí ni èyí ní kí o ṣe?» Bí ẹni tó ń tiraka bá lè dá yín lóhùn, tó sì ṣe é lójú yín, iṣẹ́ ń lọ. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wò yín lójú, ẹ padà sójú pátákó pẹ̀lú àmì yẹn.

Ní ojú ìwé tó kẹ́yìn nínú ìwé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí ọmọ máa kọ ọ̀rọ̀ tí K bá mú un tún ṣe sílẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí. Kó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún yín, kó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ara rẹ̀. Bí «nígbà tí» bá wà níbẹ̀, tó sì tún wá kọ «nígbàtí» sínú iṣẹ́ tuntun, ẹ má fi K sí i. Ẹ dá ìwé padà, kí ẹ ní: «Wo ẹ̀yìn ìwé rẹ.»

Fún ìṣirò, àmì lẹ́tà kò wúlò púpọ̀. Tóótó kan ní ìlà tí iṣẹ́ ti yà kúrò lọ́nà dára ju X pupa lábẹ́ ìdáhùn lọ. Bí ọmọ bá kọ 3(x + 4) = 3x + 4, tó sì ṣe ìlà márùn-ún mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, ìlà yẹn ni kí ẹ fi tóótó sí. Ìyókù tẹ̀ lé e ni.

Bí oṣù ti ń gorí oṣù, ẹ máa fa ọwọ́ yín sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tó ti mọ K àti D dáadáa kò nílò lẹ́tà mọ́. Ẹ fi tóótó lásán sí etí ìlà, kó lè sọ fúnra rẹ̀ irú àṣìṣe tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ nọ́ńbà kan sí ìsàlẹ̀ iṣẹ́, bíi 4, kó mọ̀ pé ohun mẹ́rin ló wà láti wá láìmọ ìlà tí wọ́n wà. Ẹ ó ní àwọn tó wà ní ìpele lẹ́tà, àwọn tó wà ní tóótó àti àwọn tó wà ní nọ́ńbà nínú kíláàsì kan náà, kò sì burú. Bí ẹnì kan nínú àwọn tó wà ní nọ́ńbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rí méjì péré nínú mẹ́rin, ẹ dá a padà sí tóótó fún iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bá olùkọ́ kíláàsì 4 àti 6 sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè mú àmì mẹ́fà kan náà lò, torí ọmọ tí K túmọ̀ sí àkọtọ́ fún lọ́dún yìí kò gbọdọ̀ bá K mìíràn pàdé lọ́dún tó ń bọ̀.